Àmì Kan Lábẹ́ Lẹ́tà

Nínú fọ́tò pátákó ṣọ́ọ̀bù kan, “AṢO ÒKÈ” ni wọ́n kọ. Akunlé náà fi àmì sábẹ́ Ṣ, ó gbàgbé ti abẹ́ O.

Kò sídìí láti wá fọ́ǹtì kiri. Àmì abẹ́ Ṣ ni kí olùtúnṣe yá. Ó ti ní ọ̀dà, eruku àti ìrísí fọ́tò náà lára.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ya á, nítorí náà lẹ́tà ń kéré bó ṣe ń jìnnà sí kámẹ́rà. Nínú Photoshop, Vanishing Point ló mọ èyí: wọ́n á tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó náà. Bí ìlà bá pupa, igun kò tọ̀nà. Búlúù ló dára. Wọ́n á fi Marquee yan àmì náà, wọ́n á di Alt mú, wọ́n á fà á sábẹ́ O. Á kéré fúnra rẹ̀.