Ààbò Àbínibí àti Ààbò Àkọ́mọ̀: Ohun Tí Dìfitéríà Kano Lè Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìròyìn dé etí àjọ NCDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, pé dìfitéríà ti ń mú àwọn ènìyàn ní Kano àti ní Èkó. Àrùn ọ̀nà ọ̀fun ni. Maṣako ni àwọn Hausa ń pè é. Kí ọdún 2023 tó parí, ìpínlẹ̀ Kano nìkan ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo àwọn tí àrùn náà mú ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí, tàbí tí wọn kò gbà á tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Singer tàbí ibòmíràn ní Sabon Gari ní Kano, tó ń múra ìdánwò bàọ́lọ́jì WAEC tàbí NECO, tàbí tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ìwé ìlàlóye yìí wà fún. Ìbéèrè tó sábà máa ń jáde ni pé kí ó fi ààbò tí a bí mọ́ ara wé ààbò tí ara ń kọ́ nígbà tó bá pàdé àrùn. Ọ̀pọ̀ a máa há ìyàtọ̀ wọn sórí láìrí ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wúlò. Nínú dìfitéríà, ojú lásán lè rí i ní ọ̀nà ọ̀fun ọmọ.

Ká mú ọmọ méjì tó ń gbé àgbàlá kan náà ní àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àwọn méjèèjì. Èkíní gba abẹ́rẹ́ pẹ́ńtà ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 lẹ́yìn tí wọ́n bí i, ó sì gba àfikún nígbà tó ń lọ sí ọmọ ọdún méjì. Èkejì kò gba ìkankan. Ẹnìkan tó ní àrùn náà lára wúkọ́ sí àárín wọn, bakitéríà dìfitéríà sì bà sí ọ̀fun àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn ọmọ méjèèjì. Ààbò àbínibí ló ń ṣiṣẹ́, bákan náà ló sì rí lára wọn. Ikun tó wà ní imú àti ọ̀fun ń mú kòkòrò, irun kéékèèké inú ọ̀nà èémí ń gbá a síta, itọ́ ní èròjà tó ń ba ara bakitéríà jẹ́. Èyí tó bá kọjá àwọn wọ̀nyí yóò pàdé sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò, irú bíi niutirofíìlì àti makirofeeji. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kò mọ dìfitéríà yàtọ̀ sí bakitéríà mìíràn. Ohun tí wọ́n ń dá mọ̀ ni àwọn àmì tó wọ́pọ̀ lára ọ̀pọ̀ kòkòrò, tí kò sí lára sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Àjogúnbá ni ìmọ̀ yẹn, wọ́n sì bí i mọ́ gbogbo ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú sí wákàtí: kò sí ohun tí wọ́n ní láti kọ́ kí wọ́n tó jà.

Láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ karùn-ún ni ọ̀nà wọn yà.

Kì í ṣe bakitéríà dìfitéríà fúnra rẹ̀ ló ń pa ènìyàn jù, oró tó ń tú jáde ni. Oró náà máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á sì dá iṣẹ́ ṣíṣe purotéènì dúró níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá wọlé tó láti pa sẹ́ẹ̀lì kan. Lára ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí kú. Bí wọ́n ti ń kú ni niutirofíìlì ń rọ́ wá síbẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ ń yọ, ó sì ń dì. Òkú sẹ́ẹ̀lì, niutirofíìlì, bakitéríà àti ẹ̀jẹ̀ dídì á wá pa pọ̀ di awọ funfun tó ní àwọ̀ eérú, tó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun típẹ́típẹ́. Bí ẹnìkan bá gbìyànjú láti ha á kúrò, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde. Ọrùn lè wú títí kò fi ní hàn níbi tí àgbọ̀n parí sí. Awọ yẹn lè dí ọ̀nà èémí.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró níbí díẹ̀. Lára ohun tó kóra jọ di awọ náà ni àwọn ọmọ ogun ààbò àbínibí fúnra wọn. Wọ́n wá lákòókò, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan lọ́wọ́ wọn tó lè di oró náà mú kó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ibi tí agbára ààbò àbínibí mọ nìyẹn. Ibà àrùn yìí kì í sì í ga púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tan àwọn òbí jẹ pé ọ̀fun dídùn lásán ni.

Lára ọmọ tó gba abẹ́rẹ́, antibọ́dì ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí bakitéríà tó dé. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní IgG ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí oró ti ń jáde ni antibọ́dì ń so mọ́ ọn, kò sì ní lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì mọ́. Antibọ́dì yìí kò wúlò fún ibà ìgbóná tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ; oró dìfitéríà nìkan ló bá mu. Báyìí ni ààbò àkọ́mọ̀ ṣe yàtọ̀: ohun kan pàtó ló ń dá mọ̀.

Ó ní láti kọ́ ìmọ̀ yẹn ni, ẹ̀kọ́ sì ń gba àkókò. Olúkúlùkù sẹ́ẹ̀lì B àti sẹ́ẹ̀lì T ní àmì ìdámọ̀ tirẹ̀, tí kò jọ ti ẹlòmíràn. Àwọn díẹ̀ péré ló bá oró dìfitéríà mu nínú àìmọye sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ààbò àbínibí kan, dẹndirítíìkì, ló máa ń gbé àpẹẹrẹ kòkòrò láti ọ̀fun lọ sí àwọn kókó abẹ́ àgbọ̀n àti ti ọrùn. Níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì T olùrànlọ́wọ́ tó bá a mu ti máa jí, tí yóò sì ran sẹ́ẹ̀lì B lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì B á wá máa pín sí méjì-méjì títí yóò fi pọ̀ tó. Lára ẹni tí kò pàdé àrùn náà rí, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí antibọ́dì tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà náà, oró ti lè dé ọkàn ọmọ kejì. Ọkàn tó ń lù ségesège wà lára ohun tó ń pa àwọn ọmọ tí awọ ọ̀fun wọn ti ń ṣí kúrò.

Ẹni tó bá ka èyí dáadáa kò ní kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ààbò àbínibí jẹ́ aláìlágbára, àkọ́mọ̀ sì ni alágbára. Bí àbínibí kò bá gbé iṣẹ́ lọ jẹ́, àkọ́mọ̀ kò ní jí. Àwọn tó ń ṣe pẹ́ńtà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi èròjà alumíníọ́ọ̀mù díẹ̀ sínú rẹ̀ láti ta ààbò àbínibí jí níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé. Ibà díẹ̀ tí ọmọ ń ní lálẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́, àti itan tó ń dùn ún, iṣẹ́ ààbò àbínibí ni. Antibọ́dì tí abẹ́rẹ́ náà fẹ́ kó jáde ṣì wà lọ́nà.

Ìrántí ni ìyàtọ̀ tí gbogbo ìwé ń tẹnu mọ́. Lẹ́yìn ìjà àkọ́kọ́, díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì B àti T á kù sára gẹ́gẹ́ bí olùrántí, ìgbà kejì á sì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, antibọ́dì á sì pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dìfitéríà fi ibi tí ìrántí mọ hàn. Ọjọ́ mélòó kan ṣì ni ìrántí nílò láti jí, oró dìfitéríà kò sì ní dúró dè é. Nínú àrùn ẹ̀dọ̀ ti B, ó máa ń tó oṣù kan àbọ̀ sí oṣù mẹ́fà kí àìsàn tó hàn, nítorí náà ìrántí nìkan tó. Nínú dìfitéríà, antibọ́dì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní sẹpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìdí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí àfikún mẹ́ta tẹ̀lé abẹ́rẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nìyẹn: ọ̀kan ní ọdún kejì ọmọ, ọ̀kan láàárín ọdún 4 sí 7, ìkẹyìn láàárín ọdún 9 sí 15.

Àwọn olùwádìí Bandim ní Guinea-Bissau ti rí i pé abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n tètè gún fún ọmọ tuntun tí kò wúwo tó dín ikú kù ju bí dídènà ikọ́ ẹ̀gbẹ nìkan ṣe lè dín in kù lọ. Èyí jẹ́ kí àwọn onímọ̀ máa sọ pé ó ṣeé ṣe kí ààbò àbínibí náà ní irú ìrántí díẹ̀. Nínú ìdánwò girama, ìdáhùn tí wọ́n ń retí ṣì ni pé kò ní.

Kí ni dókítà wá fún ọmọ kejì? Wọ́n fún un ní antibọ́dì tí wọ́n yọ lára ẹṣin, èyí tí wọ́n ń pè ní oògùn apoóró. Emil von Behring wà lára àwọn tó ṣàwárí ọ̀nà yìí ní ọdún 1890, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ fún ìmọ̀ ìṣègùn ní 1901. Èso ààbò àkọ́mọ̀ ni oògùn náà, ṣùgbọ́n ara ẹṣin ló kọ́ ẹ̀kọ́, kì í ṣe ara ọmọ. Ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í fi ìrántí sílẹ̀, á sì tán lára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Antibọ́dì tí ìyá fún ọmọ inú rẹ̀ náà kì í fi ìrántí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń lo oṣù mélòó kan kí ó tó tán. Apoóró kò lè yọ oró tó ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà wákàtí tí wọ́n fi pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn ṣe pàtàkì gan-an. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í tẹ̀lé ọjọ́ orí. Bí àrùn bá ṣe le tó ló ń tẹ̀lé. Ní 2023, oògùn yìí wọ́n gógó káàkiri àgbáyé nígbà tí Kano ń wá a.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń bá oró jà, kò lé bakitéríà kúrò ní ọ̀fun rẹ̀ dandan. Ó lè máa ṣeré káàkiri àgbàlá láìṣàìsàn kí ó sì kó o ran ọmọ ìkókó aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún gbogbo ẹni tó bá aláìsàn gbélé ní oògùn apabakitéríà, kódà ẹni tó gba abẹ́rẹ́ tán. Ọmọ kejì náà, bí ara rẹ̀ bá yá, gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí pé àrùn náà kì í sábà fi ààbò tó péye sílẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ pẹ́ńtà ní ilé ìlera ìjọba. Òbí tó bá rí awọ funfun tàbí eléérú ní ọ̀fun ọmọ, tàbí tí ọrùn ọmọ ń wú, kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, kí ó má sì ha awọ náà.