Wa Mẹ́fà Nínú Gbólóhùn Kan

Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì wo ìwé Lárúbáwá fún ìgbà àkọ́kọ́ á rò pé òǹkọ̀wé gbàgbé ibi tí wọ́n ń fi àmì ìdánudúró sí. Gbólóhùn kan lè kún ìpínrọ̀ kan, kí wa kéékèèké máa so ó pọ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kọ. Ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kò ní irú àmì ìdánudúró tí a ń lò lónìí; ọdún 1912 ni Ahmad Saki Paṣa tẹ ìwé jáde ní Íjíbítì láti fi kọ́ àwọn tó ń kọ Lárúbáwá bí wọ́n ṣe máa lò ó. Wa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, Abdul-Kahiri al-Jurujani ti jókòó ti ọ̀rọ̀ ibi tó yẹ kí a so gbólóhùn pọ̀ àti ibi tó yẹ kí a yà á.

Nítorí náà, iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe kó máa gé ọ̀rọ̀ níbi tó bá ti rí wa. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi wa kọ̀ọ̀kan léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ wo gbólóhùn yìí, èmi ni mo hun ún, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kún inú ìwé ìròyìn Lárúbáwá. Mo fi wa àti fa sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà:

Mínísítà ètò omi dé ìlú náà lánàá, WA gómìnà wà pẹ̀lú rẹ̀, WA ó yẹ ipa omi tí wọ́n ń gbẹ́ wò, WA ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀ pé omi kò dé oko wọn, FA ó pàṣẹ kí wọ́n kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, WA ó tẹnu mọ́ ọn WA ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iṣẹ́ kò ní dúró, WA ó yẹ ká rántí pé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022.

Ohun tó tẹ̀ lé wa ni kí a máa wò. Ọ̀rọ̀-orúkọ, ìyẹn gómìnà, ló tẹ̀ lé èkíní. Irú wa báyìí sábà máa ń sọ ipò tí nǹkan wà nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ ń lọ, kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló tẹ̀ lé èkejì àti ẹ̀kẹta, wọ́n ń to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún gbé ọ̀rọ̀ méjì tí ìtumọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan dání: ọ̀ṣọ́ ni lédè Lárúbáwá, àsọtúnsọ ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹyọ kan tó. Ìkẹfà ṣí ọ̀rọ̀ tuntun, ó fẹ́ ìpínrọ̀ tirẹ̀, kí «ó yẹ ká rántí» sì lọ.

Fa ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sọnù. Níbí yìí, ó ń sọ pé ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀ ló bí àṣẹ náà. Bí a bá tú u bí wa lásán, ìròyìn náà pàdánù ìdí rẹ̀.

Ohun tí ìpínrọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ nìyí: Mínísítà ètò omi ti pàṣẹ kí wọ́n kó ẹrẹ̀ inú ipa omi tuntun kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí àwọn àgbẹ̀ ní omi kò dé oko wọn. Nígbà tí òun àti gómìnà yẹ ibẹ̀ wò lánàá, mínísítà ní iṣẹ́ kò ní dúró. Lẹ́yìn náà, nínú ìpínrọ̀ kékeré: Ọdún 2022 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rí i pé mo tún pe mínísítà lórúkọ. Nínú Lárúbáwá, olùwà fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ọkùnrin méjì bá ti wọ inú ìtàn, ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì kò ní mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gé gbólóhùn wẹ́wẹ́ ló sábà máa ń kó sínú èyí.

Wa kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ tú sí àsopọ̀ rárá, òun ni èyí tó wà nínú wàláhì tí gbogbo wa mọ̀: ìbúra ni. Bákan náà, gbígbé àṣẹ síwájú bí mo ṣe ṣe yìí yẹ ìròyìn nìkan. Nínú ìwé àdéhùn, wa kọ̀ọ̀kan lè gbé ojúṣe kan dání, ètò wọn sì lè ní ìtumọ̀ níwájú adájọ́. Níbẹ̀, ògbufọ̀ lè fún ojúṣe kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó má pa ọ̀kan pọ̀ mọ́ ìkejì, kó má sì yí ètò wọn padà.