Lẹ́tà Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Nípa Wíwo Èsì Ìdánwò Lórí Ayélujára

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà bá gbé èsì ìdánwò kúrò nínú ìwé tó wá ń gbé e sórí ayélujára, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ a máa kọ lẹ́tà sí àwọn òbí láti fi ọ̀nà hàn wọ́n. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́rin: àdírẹ́sì ojú-òpó náà, orúkọ tí òbí máa fi wọlé, pásíwọ́ọ̀dù, àti ọdún ẹ̀kọ́ pẹ̀lú táàmù tí yóò yàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yẹ̀ níbẹ̀, àmì kan ṣoṣo tí a bá sì ṣì tẹ̀ ti tó kí ilẹ̀kùn má ṣí.

Ká mú ọmọ kan tó wọ JS1 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tó wá ń parí JS2 ní oṣù Keje ọdún 2025. Ohun tí ìyá rẹ̀ máa bá nínú lẹ́tà lè rí báyìí. Àpẹẹrẹ lásán ni àdírẹ́sì àti nọ́ńbà rẹ̀:

```
https://result.example.com
Username: 2023/0147
Password: bK70Om
Session:  2024/2025
Term:     Third Term
```

Àdírẹ́sì ló ṣáájú. Inú àpótí gbọọrọ tó wà lókè ojú fóònù, níbi tí orúkọ ojú-òpó máa ń hàn, ni a ti ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe inú àpótí tí Google fi ń béèrè ohun tí èèyàn ń wá. Bí ìyá náà bá lọ fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wá a lórí Google, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tó jẹ́ orúkọ kan náà lè yọjú sí i, tàbí ojú-òpó tí àwọn oníjìbìtì ṣe kó jọ tòótọ́. Àwòrán àgádágodo tó máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò fi hàn pé olóòótọ́ ló ni ojú-òpó. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tí à ń tẹ̀ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, àdírẹ́sì inú lẹ́tà gan-an ni kí òbí fi wé èyí tó wà lójú fóònù kó tó tẹ pásíwọ́ọ̀dù.

Orúkọ ìwọlé, tí ojú-òpó ń pè ní `Username`, kì í sábà jẹ́ orúkọ ọmọ. Nọ́ńbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ nígbà tó kọ́kọ́ wọlé ni, torí pé ọmọ méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà ṣùgbọ́n wọn kò lè ní nọ́ńbà kan náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, 2023 ni ọdún tí ọmọ wọlé, 0147 sì ni nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó bá tẹ `2023/147` ti yọ òdo kan, ẹni tó bá sì tẹ `20230147` ti gbàgbé igi tó dagun sáàárín. Lójú kọ̀ǹpútà, àlejò ni àwọn méjèèjì. Gbólóhùn kan péré nínú lẹ́tà lè dènà èyí: “Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà níbí gan-an, ẹ má yọ òdo, ẹ má sì fo igi àárín.”

Pásíwọ́ọ̀dù ló máa ń yọ òbí lẹ́nu jù, torí pé álífábẹ́ẹ̀tì ńlá àti kékeré kì í ṣe ohun kan náà nínú rẹ̀. Fóònù fúnra rẹ̀ lè sọ `b` àkọ́kọ́ di `B`, ó sì lè fi àlàfo kan sẹ́yìn bí kíbọ́ọ̀dù bá bá òbí parí ọ̀rọ̀. Bákan náà, nínú `bK70Om`, òdo ló tẹ̀ lé 7, álífábẹ́ẹ̀tì O ló sì tẹ̀ lé òdo náà. Lórí bébà, ta ló máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ a ní kí wọ́n má fi òdo àti O, tàbí 1 àti l, sínú pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n máa pín. Ní ti òbí, àwòrán ojú tó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ni kó tẹ̀, kó lè rí ohun tó kọ kó tó tẹ `Login`. Bó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kíní, kó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù náà sí tirẹ̀, torí pé ọwọ́ ọmọ ni lẹ́tà gbà dé ilé.

Lẹ́yìn ìwọlé ni yíyan ọdún àti táàmù kàn. Oṣù Keje ọdún 2025 bọ́ sínú ọdún ẹ̀kọ́ 2024/2025, nítorí oṣù Kẹsàn-án ni ọdún ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá yẹn bá wo kàlẹ́ńdà tó sì yan `2025/2026`, ọdún tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ló yàn, kò sì ní rí nǹkan kan.

Òbí tó ti wo èsì WAEC rí lè retí pé bákan náà ni yóò rí. Ojú-òpó WAEC kì í béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà ìdánwò oní-dígíìtì 10, ọdún, irú ìdánwò, àti nọ́ńbà káàdì pẹ̀lú PIN rẹ̀ ló ń béèrè, ìgbà márùn-ún péré ni káàdì kan sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ń ta káàdì fún ojú-òpó tiwọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́tà gbọ́dọ̀ sọ iye ìgbà tí káàdì máa ṣiṣẹ́, àti bóyá ọmọ méjì lè lò ó.

Bí nǹkan kò bá lọ déédéé, ohun tó hàn lójú fóònù ló ń tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà. Bí ojú-òpó kò bá ṣí rárá, nẹ́tíwọ̀kì tàbí àdírẹ́sì ni kí a yẹ̀ wò. `Invalid username or password` túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá a mu. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ má sọ èwo ni, kí olè má baà mọ ibi tó ti gbà á. Kí òbí má tẹ̀ ẹ́ léraléra, torí ojú-òpó mìíràn a máa ti ilẹ̀kùn pa lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. `No result found` yàtọ̀: òbí ti wọlé, àmọ́ táàmù tó yàn kò tọ̀nà, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì gbé èsì jáde.

Èsì tó jáde pàápàá gba kí a fara balẹ̀ kà á. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fún iṣẹ́ inú táàmù ní máàkì 40, tí ìdánwò sì ń gba 60. Ká ní ọmọ náà gba 31 nínú 40 lórí Ìṣirò, tí olùkọ́ kò sì tíì tẹ máàkì ìdánwò sí i. Àpótí ìdánwò á ṣófo, àròpọ̀ á sì jẹ́ 31, bí ẹni pé ọmọ kùnà. Nígbà tí 42 bá wọlé, àròpọ̀ á di 73. Àpótí tó ṣófo kì í ṣe òdo, olùkọ́ kíláàsì sì ni kí òbí kọ́kọ́ bi léèrè kó tó bá ọmọ wí.

Ohun tó gbẹ̀yìn lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ ààbò. Nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì tí òbí lè pè bó bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí lẹ́tà sì sọ ọ́ gbangba pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní pe òbí láti béèrè pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹni tó bá wo èsì ní ibi tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tẹ `Logout` kó tó dìde, kó sì pa èsì tó bá dàáwúnlóòdù rẹ́ lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lè bá èsì ọmọ náà níbẹ̀.