Fóònù Tó Di Àlejò Nílé: Ọ̀rọ̀ Rómíìngì Létí Ààlà Bantẹ̀ àti Safalu

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Bantẹ̀ àti Safalu, àwa àti ilẹ̀ Tógò ni a jọ pààlà. Ààlà náà kò pín èdè: Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ ní Tchetti ni àwọn ará Atakpamé náà ń sọ. Ọjà, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ń gbé wa lọ, wọ́n sì ń gbé wa bọ̀. Ìgbì tí ń gbé ọ̀rọ̀ inú fóònù pàápàá kò mọ ààlà. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Benin lè rí i pé fóònù òun ti wọ Tógò lọ, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò gbẹ́sẹ̀ kúrò nílé. Ibẹ̀ ni owó ìpè ti ń gbẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i.

Rómíìngì ni a ń pe èyí. Káàdì síìmù wa ní ilé kan ṣoṣo, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wa. Bí kò bá rí òpó ilé rẹ̀, a máa wọ̀ sí ilé oníle, bí ilé-iṣẹ́ méjèèjì bá ti bá ara wọn ṣe àdéhùn. Onílé náà a ka gbogbo ohun tí àlejò lò, a sì fi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ wa. Àwa ni a óò san án.

Orúkọ kan náà, ilé ọ̀tọ̀

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù lọ ni orúkọ tí wọ́n ń rí lójú fóònù. Moov wà ní Benin, Moov sì wà ní Tógò. MTN wà ní Benin, MTN sì wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó ní síìmù MTN ti Benin, tó dé Èkó, tó sì rí «MTN» lójú fóònù, lè rò pé ilé ni òun ṣì wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn jọra, rómíìngì sì ni gbogbo ohun tó bá ṣe níbẹ̀.

Nọ́ńbà orílẹ̀-èdè ni kì í tanni. Nẹ́tíwọ̀kì Benin gbogbo ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 616, ti Tógò pẹ̀lú 615, ti Nàìjíríà pẹ̀lú 621. Bí fóònù kò bá mọ orúkọ nẹ́tíwọ̀kì kan, nọ́ńbà yìí ni yóò kọ sójú, bíi 61501, tí í ṣe ti Togocel, tó yí orúkọ padà sí Yas ní ọdún 2024. Àmì mìíràn tún wà: lẹ́tà R kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì nẹ́tíwọ̀kì, tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń kí wa káàbọ̀ sí Tógò nígbà tí a ṣì wà lóko wa.

Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nílé, ọ̀pọ̀ ènìyàn a pa fóònù, wọn a sì tún tàn án. Èyí lè má tó, nítorí pé bí fóònù bá jí, ó lè kọ́kọ́ wá nẹ́tíwọ̀kì tó lò kẹ́yìn. Ohun tó dájú ni kí a fi ọwọ́ ara wa yàn án. Lórí Samsung tó ń sọ Faransé, ẹ wọ «Paramètres», «Connexions», «Réseaux mobiles», kí ẹ wá «Opérateurs de réseau». Ẹ pa yíyàn aládàáṣe tó wà níbẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí orúkọ wọn jáde, kí ẹ sì yan ilé-iṣẹ́ yín ti Benin.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé láti dá a padà. Ẹni tó ti so fóònù rẹ̀ mọ́ nẹ́tíwọ̀kì Benin kan, tó wá gbéra lọ sí Èkó, kò ní rí nẹ́tíwọ̀kì kankan níbẹ̀. Yóò rò pé síìmù òun ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ti ilẹ̀kùn.

A ń pè, ṣùgbọ́n kò sí dátà

Ẹlòmíràn a dé Atakpamé, ìpè a wọlé, ìpè a jáde, ṣùgbọ́n WhatsApp a dákẹ́. Ìpè tó ń lọ fi hàn pé ilé-iṣẹ́ méjèèjì mọ ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ wo bọ́tìnnì «Itinérance des données» lórí Samsung, tàbí «Données à l'étranger» lórí iPhone. Pípa ni ó sábà máa ń wà, ààbò ni wọ́n sì fi ṣe. Bí ó bá wà ní títàn tí dátà kò sì wá, ẹ yan nẹ́tíwọ̀kì Tógò kejì, nítorí pé àdéhùn ìpè lè wà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan kí ti dátà má sí. Bí méjèèjì bá kọ̀, ó lè jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ yín ni kò tíì ṣí i fún nọ́ńbà yín; ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Bí owó ṣe ń lọ

Mẹ́gà tí a rà fún ìlò inú Benin kì í sábà bá wa sọdá ààlà. Owó ìpè gan-an ni rómíìngì ń jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìyá oníṣòwò kan láti Tchetti ní 5.000 fránkì lórí síìmù rẹ̀, kí iye rómíìngì jẹ́ 500 fránkì fún mẹ́gà kan. Ó ti ya fọ́tò aṣọ mẹ́wàá lọ́jà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gà 2. Fóònù rẹ̀ a máa fi fọ́tò pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Fọ́tò kan yóò jẹ 1.000 fránkì, nígbà tí ìkarùn-ún bá sì lọ, owó ti tán. Ìyá náà kò tẹ nǹkan kan.

Fún ẹni tó ń san owó lẹ́yìn oṣù, owó náà kò ní tán, gbèsè ni yóò máa ga. Èyí kan àwọn ọmọ wa tó ń ti Faransé bọ̀ wá síbi ọdún iṣu Safalu ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ. Òfin Yúróòpù tó mú kí rómíìngì dà bí ìlò ilé láti oṣù Kẹfà ọdún 2017 kò dé Benin. Èyí tó tẹ̀lé wọn dé ibí ni ìdènà dátà: nígbà tí owó bá dé 50 yúrò, láìka owó orí mọ́ ọn, bí 32.800 fránkì, kí ilé-iṣẹ́ dá a dúró títí oníbàárà yóò fi ní kó máa lọ. Ìdènà yìí náà ní àbùkù: kò ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì àlejò kò bá jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ Faransé rí ìlò náà lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó gbéra, ẹ pa bọ́tìnnì dátà rómíìngì síìmù ilé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ ra síìmù ibi tí ẹ ń lọ sí ojú kejì fóònù, kí ẹ sì yàn án fún dátà. Àwọn fóònù kan a máa yí dátà padà sórí síìmù kejì bí ti àkọ́kọ́ bá ṣaláìlágbára. Ẹ pa ìyẹn náà.

Ohun kan kù tí àwọn ènìyàn ń pè ní àìsí nẹ́tíwọ̀kì. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà Benin ti di oní-mẹ́wàá, tí 01 sì ṣáájú. Láti òkè òkun, +229 01 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà àtijọ́ tí a tọ́jú sínú fóònù kò ní wọlé, bí nẹ́tíwọ̀kì tilẹ̀ dára.