Adójútòfò Iná fún Ilé Ìtajà

Adójútòfò iná ni àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi ń san òfò tí iná tàbí àrá bá fà. Kì í sábà bo ọjà tí wọ́n jí nígbà ìjóná, tàbí rògbòdìyàn, àfi bí oníṣòwò bá san àfikún owó fún un.

Ohun tó máa ń ya oníṣòwò lẹ́nu jù ni iye tí ó kọ sílẹ̀. Bí ọjà rẹ̀ bá tó mílíọ̀nù 10 náírà, tí ó sì kọ mílíọ̀nù 5, ìdajì òfò ni yóò gbà: bí iná bá jó ọjà mílíọ̀nù 2, mílíọ̀nù 1 péré ni.

Lẹ́yìn iná, kí ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà kíákíá, kí ó kó rìsíìtì àti ìwé àwọn panápaná sílẹ̀, kí ó má sì palẹ̀ eérú mọ́ kí aṣàyẹ̀wò òfò tó dé.