Ọjọ́ Wo Ni, Igun Mélòó Ni?

Bí obìnrin bá bímọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni wọn yóò sọ ọmọ náà lórúkọ, a ó sì pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ méje péré ni a fi rìn láti ìgbà tí a bí i, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò tiwa, ọjọ́ tí ọmọ dáyé gan-an ni ọjọ́ kìíní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọrọọrún. Bí wọ́n bá ná an lónìí, ọjọ́ mẹ́ta péré ni yóò kọjá láìsí ọjà kí wọ́n tó tún ná an, nítorí pé ọjọ́ ọjà ti òní àti ti ìgbà tó ń bọ̀ ni a jọ kà mọ́ ọn kó tó pé ọrún.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà ń kà á. Ìdánwò ni kì í kà á bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń yan òṣìṣẹ́ lóde òní, ìbéèrè méjì kan wà tí kì í wọ́n níbẹ̀. Èkíní yóò dá ọjọ́ kan, yóò ní kí o sọ bóyá ọjọ́ Ajé ni àbí Ọjọ́bọ̀. Èkejì yóò dá aago, yóò ní kí o sọ bí igun tó wà láàárín ọwọ́ gígùn àti ọwọ́ kúkurú ti tóbi tó. Wọn kò jọra lójú, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ló ń tú àwọn méjèèjì. Ohun tó ń yí po tó sì ń padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀, òun náà sì ni aago. Bí ó bá ti yí po tán, ìyípo náà kò tún ka nǹkan kan mọ́. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn odidi ìyípo nìkan ni ìdáhùn wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ wo ni ọgọ́rùn-ún ọjọ́ sí òní yóò jẹ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá jẹ́ ọjọ́ 98, gbogbo rẹ̀ sì dá wa padà sí ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ méjì ló ṣẹ́kù: Àbámẹ́ta, Àìkú. Ọjọ́ Àìkú ni. Ẹni tó bá ka ọjọ́ Ẹtì òní gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kìíní yóò dúró sí Àbámẹ́ta, yóò sì gba òdo. Nínú ìbéèrè báyìí, òdo ni òní, ọ̀la ni ọjọ́ kìíní. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa ń ṣubú, kì í sì í ṣe pé orí wọn kò pé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ka ọjọ́ nílé ni wọ́n gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni a ó fi rin ọdún. Ọdún tó ní ọjọ́ 365 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 52 àti ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan tó lé yẹn ló ń mú kí ọjọ́ ìbí ènìyàn sún síwájú lọ́dọọdún: bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lọ́dún yìí, yóò bọ́ sí Ìṣẹ́gun lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ 29 oṣù kejì bá wà lójú ọ̀nà, ọjọ́ méjì ni yóò fò. Oṣù náà ní èlé tirẹ̀. Oṣù ọlọ́jọ́ 31 fi ọjọ́ mẹ́ta lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èyí tó ní 30 fi méjì lé e, oṣù kejì tó ní ọjọ́ 28 kò sì fi nǹkan kan lé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ méjì tí kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ̀ wọ́n ṣe é. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960 tí a gba òmìnira. Ọjọ́ wo wá ni ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, tí a dìbò tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá jáde fún?

Odidi ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ rìn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1960 dé ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1992 jẹ́ ọdún 32, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì ni ọdún kọ̀ọ̀kan fi sún síwájú. Ẹ wá wo iye ìgbà tí a bá ọjọ́ 29 oṣù kejì pàdé lójú ọ̀nà: 1964, 1968, 1972, 1976, 1980, 1984, 1988 àti 1992. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni. Ẹ fi mẹ́jọ kún 32, ó di 40. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún kúrò, márùn-ún ló kù. Láti Àbámẹ́ta, ẹ ka márùn-ún: Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1992.

Ó ku oṣù. Láti ibẹ̀ dé ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 1993, a kọjá oṣù mẹ́jọ. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọlọ́jọ́ 31, èlé wọn jẹ́ 15. Méjì jẹ́ ọlọ́jọ́ 30, èlé wọn jẹ́ mẹ́rin. Oṣù kejì ọdún 1993 kò ní èlé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19. Láti ọjọ́ 1 dé ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọjọ́ 11 ni a fi rìn, kì í ṣe 12. Ẹ fi 11 kún 19, ó di 30. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, méjì ló kù. Láti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ni ẹyọ kan, Àbámẹ́ta ni ìkejì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a sì dìbò náà lóòótọ́.

Ọ̀fìn ńlá kan wà nínú ìṣirò yìí tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ọdún 1960 fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 29 nínú oṣù kejì, ẹni tó bá ń kánjú yóò sì kà á mọ́ ọn, yóò ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án dípò ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ni ìrìn tiwa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn sì ti kọjá tipẹ́ kí a tó gbéra. Kì í ṣe irú ọdún ni à ń kà. Ọjọ́ 29 oṣù kejì tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìrìn wa ni à ń kà. Ẹni tó ka 1960 yóò bá ara rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Bí ìdáhùn bá fi ọjọ́ kan péré yàtọ̀, ibi méjì yìí ni kí a kọ́kọ́ wò: bóyá a ka ọjọ́ tí a ti gbéra mọ́ ọn, tàbí a ṣi ọjọ́ 29 kà.

Ọdún tó parí ọgọ́rùn-ún náà ní òfin tirẹ̀. Ọdún tí mẹ́rin bá pín dọ́gba ló ń ní ọjọ́ 29, ṣùgbọ́n bí ó bá parí sí òdo méjì, àfi kí 400 pín in. Nítorí náà 2000 ní in, 1900 kò ní in, 2100 náà kò sì ní ní in. Ìṣirò yìí kò sì ṣeé fi rin ìtàn àtijọ́ láìwo ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1752, nígbà tí ìjọba Bírítéènì pa kàlẹ́ńdà dà, Ọjọ́rú ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sùn, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 14 ni wọ́n jí sí.

Ní ti aago, òbìrí rẹ̀ jẹ́ dígírì 360. Ọwọ́ gígùn ń yí i po ní ìṣẹ́jú 60, nítorí náà dígírì mẹ́fà ló ń rìn ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ kúkurú ń rin dígírì 30 ní wákàtí kan, èyí tó túmọ̀ sí ààbọ̀ dígírì ní ìṣẹ́jú kan. Ààbọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹ bi wọ́n pé igun mélòó ló wà nígbà tí aago mẹ́ta bá kọjá ìṣẹ́jú 15. Wọn yóò ní kò sí igun, torí pé orí 3 ni ọwọ́ méjèèjì wà. Ọwọ́ gígùn wà lórí 3 lóòótọ́, ní dígírì 90. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kúkurú ti fi ìṣẹ́jú 15 rìn kúrò níbẹ̀. Dígírì méje àbọ̀ ló ti rìn, igun tó wà láàárín wọn sì nìyẹn.

Láti orí 12 ni kí ẹ ti máa wọn ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ wá yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Bí aago 12 bá kọjá ìṣẹ́jú 50, òdo ni kí ẹ ka 12 sí. Ọwọ́ kúkurú wà ní dígírì 25, ọwọ́ gígùn wà ní 300. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 275. Ó ju 180 lọ, ìyẹn ni pé apá tó jìn la wọ̀n. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 360, dígírì 85 ni igun tí wọ́n ń béèrè.

Ìbéèrè tó le jù ni èyí tó fún ọ ní igun, tó ní kí o wá àkókò. Ẹ fojú inú wo àwọn ọwọ́ náà bí ẹni méjì tó ń sáré yí pápá kan po: lójú ẹni tó lọ́ra, iye tí ẹnìkejì fi yára jù ú lọ nìkan ló ṣe pàtàkì. Mẹ́fà yọ ààbọ̀ jẹ́ márùn-ún àbọ̀, iye dígírì tí ọwọ́ gígùn fi ń jèrè lórí ọwọ́ kúkurú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sì nìyẹn. Ní aago mẹ́ta gééré, dígírì 90 ni ọwọ́ gígùn wà lẹ́yìn. Kí igun náà tó tún di 90 kí aago mẹ́rin tó lù, ó gbọ́dọ̀ lé ọwọ́ kúkurú bá, kó sì fi 90 mìíràn ṣíwájú rẹ̀, dígírì 180 lápapọ̀. Ẹ fi márùn-ún àbọ̀ pín 180: ìṣẹ́jú 32 àti ìdá mẹ́jọ nínú mọ́kànlá.

Nítorí èrè yìí kan náà ni ọwọ́ méjèèjì kì í fi í pàdé ní ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún lójúmọ́, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ní wákàtí 12, ọwọ́ gígùn yí po ní ẹ̀ẹ̀mejìlá, ọwọ́ kúkurú yí po lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 11 ló sì lé e bá. Lẹ́yìn tí aago mọ́kànlá bá ti lù, kò tún bá a mọ́ títí di aago méjìlá gééré. Méjìlélógún ni lójúmọ́.

Bí ẹ bá ní ẹni tó ń múra ìdánwò sílẹ̀ nílé, ẹ ní kó ya ojú aago sórí ìwé kó tó ṣe ìṣirò kankan, torí pé orí fóònù tí kò ní ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wo aago. Kí ẹ tún ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta 12 oṣù kẹfà 1993, kó wá ọjọ́ tí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999 bọ́ sí, nígbà tí ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Àbámẹ́ta náà ni. Bí ó bá sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni, kó lọ wo ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1996.