Kí Bíríkìlà Tó Kan Èèkàn: Bí A Ṣe Ń Ka Pláànù Ilé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé ló máa ń sanwó pláànù, tí wọ́n á ká a, tí wọ́n á sì gbé e lé fọ́ọ́mànù lọ́wọ́ láì fara balẹ̀ wò ó. Ìgbà tí ògiri bá ti ga dé líńtẹ̀ ni wọ́n tó máa ń rí i pé bẹ́ẹ̀dì kò gba yàrá, tàbí pé ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ń gbá ẹni tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ti wà lórí ìwé láti ọjọ́ kìíní. Lórí ìwé, írésà ló ń tún un ṣe. Nínú ilé, hámà ni, àti sìmẹ́ńtì tuntun. Ẹ jẹ́ ká jọ ka pláànù bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta kan, ká sì tẹjú mọ́ ẹyọ yàrá kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí a dúró sí tí a fi ń wo ilé náà. Ẹ ṣe bí ẹni pé a fi ayùn gé gbogbo ilé ní ìbú, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sókè láti ilẹ̀. A gbé apá òkè kúrò pẹ̀lú òrùlé, a wá ń wo ohun tó kù láti òkè tààrà. Ohun tí ayùn gé, ìlà tó nípọn ni a fi ń yà á. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ibi tí ayùn gbà, bí àga ìgbọ̀nsẹ̀ àti síǹkì, ìlà tín-ín-rín ni tirẹ̀. Ohun tó wà lókè, tí a ti gbé kúrò, ìlà gígé-gígé ló ń fi í hàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìlà gígé-gígé kan tó yí gbogbo ilé ká lẹ́yìn ògiri: etí òrùlé ni, ibẹ̀ ni omi òjò yóò máa dà sí. Ó tún lè jẹ́ pé fèrèsé kékeré ti balùwẹ̀, tó máa ń wà lókè, ni wọ́n fi ìlà gígé-gígé yà, torí pé ayùn kò kàn án. Wọn kò gbàgbé rẹ̀.

Ògiri ni ìlà méjì tó nípọn, tó ń bá ara wọn rìn lọ. Àyè tó wà láàárín méjèèjì ni ìnípọn ògiri náà. Ayàwòrán mìíràn a fi dúdú kún un, òmíràn a fi ìlà wẹ́wẹ́ tó dagun kún un. Bí ẹ bá rí 225 lára ògiri, búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ 150, onínṣì mẹ́fà ni. Mìlímítà ni ayàwòrán ilé fi ń wọn nǹkan, kì í sì í kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú nọ́ḿbà. Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bàtà lè fi 300 pín nọ́ḿbà náà, yóò sì sún mọ́ ọn gidigidi: 3600 á fún un ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Tí a bá fẹ́ kó ṣe géérégé, ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 304.8, nítorí náà 3600 fi nǹkan bí ínṣì méjì dín sí méjìlá.

Nísinsìnyí, síkéèlì. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, ẹ ó rí 1:100. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé yóò gùn tó 100 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn mítà kan, lórí ilẹ̀. Iwájú bọ́ńgálò tiwa, láti igun dé igun, jẹ́ 12300, nítorí náà ó yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.3 lórí rúlà. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé rúlà rárá. Bí ó bá jẹ́ 8.7 ni ẹ rí, inú ilé kò yí padà; ìwé A3 ni wọ́n sún kì sórí A4, síkéèlì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ kò sì jẹ́ òótọ́ mọ́. Èyí wọ́pọ̀ gan-an nísinsìnyí tí pláànù ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn, tí oníbísínẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé tó bá wà nílẹ̀. Nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sára àwòrán ni ẹ gbà gbọ́. Bí rúlà àti nọ́ḿbà bá ta kora, nọ́ḿbà ló jàre.

Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà pàápàá ní ibi tí a ti ń bi í léèrè, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń pàdánù àyè láìmọ̀. Ìlà ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní àmì kékeré ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Ó lè jẹ́ ọfà, ó lè jẹ́ tótó, ó sì lè jẹ́ ìlà kékeré tó dagun. Ẹ wo ibi tí àmì náà balẹ̀ sí. Bí ó bá balẹ̀ sí ojú ògiri nínú yàrá, 3600 ni àyè tí ẹ ó ní láàárín búlọ́ọ̀kù sí búlọ́ọ̀kù. Bí ó bá balẹ̀ sí àárín gbùngbùn ògiri, ìdajì ògiri ti wọ inú ìwọ̀n náà ní apá méjèèjì. Ẹ yọ 225 kúrò nínú 3600, ó ku 3375. Ẹ wá fi pílásítà sí i, nǹkan bí 15 ní ojú ògiri kọ̀ọ̀kan, ó ku 3345. Ìyẹn kò pé ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá. Kò sí ẹni tó parọ́, bẹ́ẹ̀ yàrá tí wọ́n pè ní méjìlá fún yín ti fi ẹsẹ̀ bàtà kan dín. Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn ayàwòrán ń lò, nítorí náà ìbéèrè kìíní tí mo máa ń rọ onílé láti bi ayàwòrán rẹ̀ nìyí: ṣé ojú ògiri ni ẹ ti wọ̀n ọ́n, àbí àárín ògiri?

Ibi tí ìlà ògiri bá ti já, ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé ló wà níbẹ̀. Fèrèsé ni bí ìlà tín-ín-rín bá so etí ògiri méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀kùn ni bí ẹ bá rí ìlà kan tó yọ síta láti etí ògiri, àti ìlà mìíràn tó tẹ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́rin òbírípo. Ìlà tó yọ yẹn ni pákó ilẹ̀kùn nígbà tó ṣí sílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ ni ọ̀nà tí etí rẹ̀ ń gbà bí a ṣe ń ṣí i. Ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ ṣófo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ẹ ó ti rí D1, D2, W1 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. D jẹ́ ti ilẹ̀kùn, W jẹ́ ti fèrèsé, tábìlì kan sì wà lórí ìwé náà tó sọ ìwọ̀n ìkọ̀ọ̀kan. Nínú pláànù tiwa, D2 jẹ́ 900 ní ìbú àti 2100 ní gíga, ìyẹn mẹ́ta sí méje tí káfíńtà mọ̀. W1 jẹ́ 1200 sí 1200.

Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá náà wàyí. Igun òsì ní iwájú ilé ló wà. Ó jẹ́ 3600 láti òsì sí ọ̀tún ìwé, ó sì jẹ́ 3000 láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ojú ògiri ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Fèrèsé rẹ̀ wà láàárín ògiri ìsàlẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lára ògiri ọ̀tún, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, igun ló ti so mọ́ ògiri, ó sì ń ṣí wọnú yàrá. Onílé fẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà sí mẹ́fà àti wọ́dúróòbù tó gba gbogbo ògiri òsì. Wọ́dúróòbù tó gba aṣọ tí a fi háńgà kọ́ nílò 600 sínú, nítorí náà ohun tó kù jẹ́ 3000 sí 3000. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà sí mẹ́fà jẹ́ 1830 ní ìbú. Ní gígùn, tí a bá ka pákó orí àti ti ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ó lè tó 2000. Ẹ gé bébà 18 mìlímítà sí 20 mìlímítà, òun ni bẹ́ẹ̀dì yín ní síkéèlì 1:100. Ẹ gbé orí rẹ̀ ti ògiri òkè, ní àárín àyè tó kù.

Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ku 585, tí kò pé ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ènìyàn á kọjá, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù tó ń ṣí síta yóò fún ẹni tó ń múṣọ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ ló yẹ yàrá yìí. Níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, 1000 ló kù. Ilẹ̀kùn 900 ń ṣí nínú àyè yẹn láìkan bẹ́ẹ̀dì, ó sì tó lati fara ti ògiri ìsàlẹ̀ láìdí fèrèsé. Ó bọ́ sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ká ní òkè ògiri ọ̀tún ni wọ́n fi ilẹ̀kùn kan náà sí, lẹ́bàá orí bẹ́ẹ̀dì, 585 ni àyè tó wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn 900 kò sì ní lè ṣí tán láé. Ká tún ní àárín ògiri ni wọ́n ti wọn yàrá náà, 3000 ti di 2775, àyè ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti di 775 kí pílásítà tó dé, ilẹ̀kùn tó dára tẹ́lẹ̀ yóò sì máa gbá bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì kan náà ni, ilẹ̀kùn kan náà ni, nọ́ḿbà kan náà sì ni wọ́n kọ.

Àwọn àmì yòókù kò le. Àtẹ̀gùn jẹ́ ìlà púpọ̀ tó tò tẹ̀ lé ara wọn, pẹ̀lú ọfà tó sábà máa ń tọ́ka sí ibi tí a ń gùn lọ. Ọfà kan wà létí ìwé tó ń tọ́ka sí àríwá. Ẹ má fojú fò ó, torí òun ló ń sọ yàrá tí oòrùn ọ̀sán yóò máa jó. Ní ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, fèrèsé tó bá kọjú síbẹ̀ ni yóò rí i gbà.

Kí ẹ tó gbé pláànù fún ẹnikẹ́ni, ẹ ro nọ́ḿbà ìta pọ̀. Iwájú bọ́ńgálò wa ní ògiri mẹ́rin tó jẹ́ 225, yàrá 3600, pálọ̀ 4800, àti yàrá kejì 3000. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 12300, ó sì bá ohun tí wọ́n kọ síta mu. Bí wọ́n bá kọ 12000 síta, 300 ti sọnù, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ bí onílé bá ní kí wọ́n fẹ yàrá kan lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á tán, tí ayàwòrán sì tún nọ́ḿbà inú ṣe láìtún tìta ṣe. Bíríkìlà tó bá fi ti ìta kan èèkàn yóò ní láti yọ ẹsẹ̀ bàtà náà lára yàrá kan, òun nìkan ni yóò sì pinnu èyí tí yóò jẹ́. Nítorí náà, bí àròpọ̀ kò bá bára mu, ẹ dá pláànù padà fún ẹni tó yà á, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta okùn títí yóò fi tún un ṣe.